Ṣé eré lásán ni wọ́n ń ṣe ní Risẹ́pṣọ̀n?

"Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Risẹ́pṣọ̀n, kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé, ní Leeds ní England níbí. Bí mo bá bi í pé kí lẹ ṣe lónìí, á ní àwọn ṣeré. Tíṣà ẹ̀ ní eré yẹn ló ń jẹ́ kí èdè wọn dàgbà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, àǹtí mi. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo eré. Nọ́sìrì lèmi náà ti ń ṣiṣẹ́, eré tí mo ń rí tó ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn jù ni èyí tí ọmọ á ti sọ ara ẹ̀ di dókítà tàbí ìyá ọmọ. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tó ń ṣèwádìí nípa bí ọmọ ṣe ń ronú, ti sọ ọ́ láti 1933 pé ọmọ tó bá gun ọ̀pá tó ń pè é lẹ́ṣin, ó ti ń ya ìtumọ̀ kúrò lára ohun tójú ẹ̀ ń rí.

Ẹ wo ọmọ méjì nígun tá a ṣe bí ilé, búlọ́ọ̀kù onígi kan ló wà láàárín wọn, ọ̀kan ní fóònù ni, èkejì ní rárá o, abẹ́rẹ́ ni. Búlọ́ọ̀kù ò sì jọ ìkankan nínú méjèèjì, ẹnu nìkan ni wọ́n lè fi yanjú ẹ̀, ni ẹ máa wá gbọ́ "ìwọ máa sunkún torí pé ara ẹ gbóná, lẹ́yìn náà ni màá gún ẹ lábẹ́rẹ́, tó bá tán kí mọ́mì ẹ wá mú ẹ." Tá a bá ní kọ́mọ yẹn sọ irú gbólóhùn gígùn bẹ́ẹ̀ lórí ìwé àwòrán, kò ní sọ ọ́! Tó bá sì jẹ́ fóònù oníke ló wà níbẹ̀, á kàn gbé e sétí ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ọwọ́ àgbà ló lè tún eré yìí ṣe, òun náà ló sì lè bà á jẹ́. Sara Smilansky, olùwádìí kan ní Ísírẹ́lì, kọ ọ́ ní 1968 pé táwọn tíṣà bá wọnú eré fúnra wọn, eré àwọn ọmọ tí kì í ṣe é dáadáa á gbé pẹ́ẹ́lí, ọ̀rọ̀ wọn náà á gùn sí i. Tíṣà tó mọ̀ ọ́n ṣe á jókòó bí aláìsàn, á ní "Dókítà, inú ti ń run mí látàná, mi ò lè jẹun," á wá dákẹ́, á dúró dè wọ́n. Èyí tí ò mọ̀ ọ́n ṣe á yọjú, á ní "àwọ̀ wo nìyí? mélòó ni?", wọ́n á dá a lóhùn ní ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á sì ká eré wọn kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má gbé e gun orí igi o, torí olùwádìí kan, Angeline Lillard, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí wò ní 2013, wọn ò rí ẹ̀rí tó lágbára pé eré yìí gan-an ló ń jẹ́ kí èdè ọmọ dàgbà, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àgbà ń bá ọmọ sọ níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ bi tíṣà ẹ̀ pé ta ló máa ń bá a ṣeré, kí ló sì máa ń sọ. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ nílé, tó dákẹ́ ní kíláàsì fóṣù díẹ̀ àmọ́ tó ń tẹ̀lé eré, ìyẹn ò léwu. Àmọ́ tí Yorùbá náà ò bá já gaara nílé, ẹ má dúró, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ẹni tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ.