Ipò ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú “a big red wooden car”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kọ “a wooden red big car” nínú iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Tíṣà fàlà sí i nídìí, ó ní “a big red wooden car” ló yẹ kó kọ, kò sì sọ ìdí. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáà pé síbẹ̀. Ṣé òfin ni àbí bó ṣe wu tíṣà ni? Ṣé ó sì yẹ kí kọ́mà wà láàárín wọn?

Ìdáhùn: Tíṣà tọ̀nà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó ló máa ń ṣáájú. Èyí tó ń sọ àwọ̀ á tẹ̀lé e, èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan náà á wá fara ti ọ̀rọ̀ orúkọ. “Big” ni ìtóbi, “red” ni àwọ̀, “wooden” ni ohun èlò. Kì í ṣe òfin tí ìgbìmọ̀ kan jókòó ṣe. Bí àwọn tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn onígírámà kíyè sí tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè kò fi lè ṣàlàyé rẹ̀, síbẹ̀ tí ẹnu wọn kì í ṣì í sọ.

Ohun tó wà nídìí ètò yìí ni bí ànímọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ nǹkan náà tó. Igi tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ kò ṣeé yà kúrò lára rẹ̀. Ó ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Àwọ̀ pupa ṣeé fi ọ̀dà mìíràn bò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lónìí, pupa ni yóò pè é. Ní ti “big”, ojú ẹni tó ń wò ó ló kù sí. Ọkọ̀ ìṣeré tí ọmọdé ń pè ní ńlá lè má tó nǹkan lójú bàbá rẹ̀. Ohun tó bá dúró lórí ìfiwéra báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń tì jìnnà sí ọ̀rọ̀ orúkọ, ohun tó bá jẹ́ ti nǹkan náà gan-an ló ń fà mọ́ ọn.

Ọmọ yín lè fi “very” dán èyí wò. “Very big” lọ geere. “Very red” náà ṣeé sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó jẹ́ “very wooden”: yálà igi ni wọ́n fi ṣe é tàbí kì í ṣe igi. (Wọ́n máa ń sọ “very wooden” fún òṣèré tó gan pa sórí ìtàgé, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ pákó.) Ọ̀rọ̀ tí kò bá gba “very” rárá, ẹ̀bá ọ̀rọ̀ orúkọ ni kó gbé e sí.

Ẹ wá wo ibi tí àṣìṣe náà ti wá, nítorí kì í ṣe àìfọkànsí ọmọ. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń ṣáájú, àpèjúwe á tẹ̀lé e: “ọkọ̀ onígi pupa ńlá”. Ohun èlò ló fara ti ọkọ̀, àwọ̀ tẹ̀lé e, ìtóbi wá kẹ́yìn. Èdè méjèèjì fi ohun èlò sítòsí ọ̀rọ̀ orúkọ, wọ́n fi ìtóbi síta. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tò ó sí nìkan ló yàtọ̀. Ọmọ yín mú onígi, pupa, ńlá bó ṣe wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì kó wọn síwájú “car” láìyí ètò wọn padà. Ohun tó jáde ni “wooden red big car”. Kó sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kó wá máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí padà sẹ́yìn: ńlá, pupa, onígi, ọkọ̀. Yóò bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Kó má fi gbogbo ara gbé ọgbọ́n yìí o, nítorí Yorùbá kò le mọ́ ètò bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń sọ “ọkọ̀ ńlá pupa”, kò sì sí ẹni tí yóò ta kò wá. Àwọn àpèjúwe kan tilẹ̀ wà tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ lọ́dọ̀ wa, bí “ògbólógbòó olè”. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa kò ní sọ “onígi” rárá. “Ọkọ̀ ńlá pupa kan tí wọ́n fi igi ṣe” ni yóò wá sẹ́nu. Tí Yorùbá rẹ̀ bá ti rí báyìí, kó pa ọgbọ́n yíyí padà yìí tì, kó lo “very”.

Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí i ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi kún ọkọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ èrò ẹni nípa nǹkan ló ń ṣáájú ìtóbi: “a lovely big red wooden car”. Ọjọ́ orí máa ń bọ́ sáàárín ìtóbi àti àwọ̀: “a big old red wooden car”. Ibi tí nǹkan ti wá ń tẹ̀lé àwọ̀, ó sì ń ṣáájú ohun èlò: “a red Japanese wooden car”. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ìṣeré ni, “toy” ni yóò fara ti “car” ju “wooden” lọ, “a big red wooden toy car”, nítorí “toy car” ti di orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn ìwé gírámà kò fẹnu kò lórí ọjọ́ orí àti ìrísí, èwo ló yẹ kó ṣáájú, nítorí náà kí ọmọ má jẹ́ kí ìyẹn dà á láàmú. Èrò lápá òsì, ohun èlò lápá ọ̀tún: ìwọ̀nyẹn kì í sábà yẹ̀.

Ètò náà máa ń ṣẹ́ nígbà mìíràn. Tí ọkọ̀ ńlá bá pọ̀ lórí àtẹ tí ẹnì kan ń tọ́ka sí èyí tó pupa nínú wọn, ó lè sọ pé “the red big car”, á sì fi ohùn tẹ “red” mọ́lẹ̀. Ohùn ló gbé e. Ìwé kò ní ohùn, ẹni tó ń máàkì yóò kàn rí i bí àṣìṣe. “Big bad wolf” náà gbé ìtóbi síwájú èrò, ṣùgbọ́n ìró ọ̀rọ̀ ló fà á, ó sì ti di àkànpọ̀ tí wọn kì í yí padà. Ẹ má fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ.

Ní ti kọ́mà, kò sí kankan nínú “a big red wooden car”. Ẹ fi “and” sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, kí ẹ sì pààrọ̀ ipò wọn. “A cold and wet night”, “a wet and cold night”: méjèèjì dùn létí, nítorí náà ẹ lè kọ “a cold, wet night”. “A wooden and big car” há lọ́nà ọ̀fun, nítorí náà kò gba kọ́mà. Àwọ̀ méjì lára ọkọ̀ kan náà, “and” ni kó so wọ́n pọ̀: “a big red and white wooden car”. Tí ọmọ bá sì gbé àpèjúwe lọ sẹ́yìn “was”, ètò kò le mọ́, kọ́mà á sì wọlé: “The car was big, red and wooden.”