Táyà rẹṣapé: inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

«Ẹ̀yin ará, kámíọ̀ mi ń na Kétu sí Kútọnu. Ṣé kí n ra táyà rẹṣapé, táyà àlòkù tí wọ́n lẹ ojú tuntun mọ́, sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àbí owó á kàn ṣòfò?»

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Àgbàdo la kó láti Ṣábẹ̀ẹ́. Ìṣó gún táyà rẹṣapé tó wà nínú lára méjì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ tó wà níta ń bá a gbé ẹrù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà tá a máa fi gbóòórùn rọ́bà jíjó, ó ti dún gbàù. Ojú táyà ṣí kúrò, ó na páìpù bíréèkì já. Òru mẹ́ta la sùn létí títì, òjò sì pa àgbàdo.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ adójútòfò rán wá kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan kan. Ó kọ «táyà rẹṣapé», ó bá tirẹ̀ lọ. Baba kan tó ń lẹ táyà ló gbé èyí tó fọ́ sókè. Wáyà inú rẹ̀ ti já wúruwùru, ògiri inú ti lọ̀ kúnná bí ẹ̀tù. Ó ní, «Ojú tuntun kọ́ ló pa á, ọmọ mi, àìtó afẹ́fẹ́ ni.» Tó bá jẹ́ pé lílẹ̀ ni kò dáa, ojú náà ì bá ṣí mọ́nranmọ́nran, ara táyà ì bá ṣì wà ní pípé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: wọ́n á yẹ ara táyà wò, wọ́n á fá ojú àtijọ́, wọ́n á lẹ rọ́bà tútù àti ojú tuntun mọ́ ọn, wọ́n á sè é nínú ìkòkò irin ńlá fún wákàtí mélòó kan. Yíyẹ̀wò yẹn ni gbogbo rẹ̀. Ara tó ti sáré láìní afẹ́fẹ́ kì í padà bọ̀ sípò, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó.

Nítorí náà, ara táyà tiyín ni kí ẹ gbé fún wọn, kí ẹ sì gba òun gan-an padà. Ẹ yọ ọ́ kí wáyà tó hàn. Èyí tí wọ́n tò sójà, ẹ ò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání: tí ògiri inú bá ní ìlà yípo, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń dà bíi bùlúù, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má fi sí ẹsẹ̀ iwájú o. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà á síwájú bọ́ọ̀sì rárá.

Tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ sí kílò 8, tẹ́ ẹ sì bá a ní 6 àbọ̀, ẹ má kàn fẹ́ ẹ kún kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ yọ ọ́ wò. Kẹ́ ẹ yẹ ìkejì rẹ̀ náà wò. Èmi lo tèmi tó wà níta yẹn padà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun náà bẹ́, lẹ́bàá Pọ́bẹ̀.