Báńkì, ẹrù inú ilé ìkẹ́rùsí àti owó àwìn: ta ni yóò kọ́kọ́ gbowó?

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní Ìkòròdú. Mo kó ọjà láwìn fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Odógunyàn. Báńkì ti wá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa báyìí, wọ́n ní gbogbo ẹrù inú rẹ̀ àti gbogbo owó tí àwọn oníbàárà jẹ ilé-iṣẹ́ náà ti di tàwọn. Ṣé báńkì ló ń ṣáájú gbogbo wa ni? Ṣé n kò lè lọ kó àpò mi tó ṣì wà níbẹ̀?”

Báńkì kò ṣáájú gbogbo yín, ṣùgbọ́n ó ṣáájú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú yín. Mo ti bá risífà kan, ìyẹn ẹni tí báńkì yàn láti gba ohun ìní ilé-iṣẹ́ kó sì tà á, ṣe ìṣirò owó ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní Odógunyàn yẹn náà, mo sì rí ọ̀nà tí owó gbà wọlé àti àwọn tó pín in.

Irú ìdógò méjì ni báńkì máa ń kọ sínú ìwé àdéhùn tí a ń pè ní dìbẹ́ńṣọ̀. Ọ̀kan dúró sójú kan lórí ohun tí kì í yí padà, bí ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ilé-iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ tà á láìgba àṣẹ. Èkejì ń léfòó lórí ohun tó ń wọlé tó ń jáde lójoojúmọ́, bí àgbàdo, sóyà, oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ti dì sínú àpò, àti owó tí àwọn tó ra ọjà láwìn kò tíì san. Ó dà bí àgò tí a gbé sókè lórí àwọn adìẹ: wọ́n ń jẹ, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, títí ọjọ́ tí a bá dà á bò wọ́n. Ọjọ́ tí báńkì yan risífà, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé-iṣẹ́ náà ká, ni ìdógò náà dì mọ́ ohun tó bá bá nílẹ̀. Nítorí náà, oúnjẹ adìẹ tí ilé-iṣẹ́ ti tà fún àwọn oníbàárà ṣáájú ọjọ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ báńkì. Owó rẹ̀ tí wọn kò tíì san nìkan ni báńkì lè lé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó yẹ̀ wò ni bóyá ìdógò náà dúró lójú òfin rárá. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ní kí wọ́n fi orúkọ irú ìdógò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC láàárín 90 ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá láìṣe é, tí kò sì sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó fún wọn láàyè sí i, ìdógò náà kò ní agbára lórí àwọn yòókù tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ lówó àti lórí ẹni tó ń tú ilé-iṣẹ́ náà ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè fúnra rẹ̀ ṣì wà, tí wọ́n sì lè bèèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín bá yín wo fáìlì ilé-iṣẹ́ náà ní CAC, kí ó wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà àti ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2017 ni òfin mìíràn tún ti wà fún ẹ̀yáwó tí a fi ohun tó ṣeé gbé káàkiri dúró fún, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ CBN, ní ncr.gov.ng. Níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló ń ṣáájú ẹni tó tẹ̀lé e. Níbi tí a ti ṣiṣẹ́ yẹn, ayánilówó kékeré kan tí òun náà gba ẹrù kan náà ní ìdógò forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn báńkì, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí àpò yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lè yí sọ́dọ̀ yín. Ohun tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kò lè bọ́ sábẹ́ ìdógò ilé-iṣẹ́. Bí àdéhùn yín bá sọ kí ẹ tó kó ọjà lọ pé sóyà náà ṣì jẹ́ tiyín títí wọn yóò fi san owó rẹ̀ tán, ẹ lè dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí ìwé owó ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ọjà ti dé nìkan ni gbólóhùn náà wà, risífà yóò sọ pé ó ti pẹ́ jù, òótọ́ ló sì máa ń jẹ́. Ó tún dára kí ẹ fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti CBN tí mo sọ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀.

Àwa rí irú rẹ̀ lójú ara wa. Oníṣòwò kan mú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí wá, ó ní òun ní sóyà mílíọ̀nù 9 náírà níbẹ̀. A rìn wọ inú ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn àpò tí wọn kò tíì tú ìdí rẹ̀ wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àmì rẹ̀ ṣì wà lára wọn, nọ́ńbà ẹrù sì bá ìwé tó fi kó wọn wá mu. Iye wọn jẹ́ mílíọ̀nù 5. Èyí tó kù ni wọ́n ti lọ̀ pọ̀ mọ́ àgbàdo, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀, tó ti di oúnjẹ adìẹ. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí èyí kó ní sóyà tòun nìyí, nítorí náà mílíọ̀nù 4 yẹn di gbèsè lásán, ó sì tò sẹ́yìn báńkì.

Lórí owó àwìn, báńkì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdógò tó dúró sójú kan ni. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn oníbàárà ń san ń wọ àpò owó tí ilé-iṣẹ́ ń fi ra àgbàdo lójoojúmọ́, báńkì kò sì dí i. Ní 2005, àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ nínú ẹjọ́ Spectrum pé bí ilé-iṣẹ́ bá lè ná owó náà bó ṣe wù ú, ìdógò tó ń léfòó ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé-ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àwọn òṣìṣẹ́ gbé e kalẹ̀, báńkì sì gbà kí wọ́n pín owó náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń léfòó. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí lórí ìdógò tó ń léfòó, òfin gbé àwọn gbèsè kan síwájú báńkì, pàápàá owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ dé ìwọ̀n tí òfin sọ.

Bí owó náà ṣe lọ nìyí, mo ti sọ iye rẹ̀ di odidi. Báńkì ń bèèrè mílíọ̀nù 60. Lẹ́yìn tí oníṣòwò sóyà kó àpò rẹ̀, ẹrù tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 35 nínú ìwé, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 28 la tà á, torí àgbàdo mìíràn ti ní kòkòrò, àwọn tó wá rà á sì mọ̀ pé a ń kánjú. Owó àwìn jẹ́ mílíọ̀nù 30. Mílíọ̀nù 18 la rí gbà. Mílíọ̀nù 4 mìíràn nínú 30 náà ni àwọn olóko adìẹ yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n jẹ, nítorí ilé-iṣẹ́ náà jẹ wọ́n lówó oúnjẹ tó bàjẹ́ tí wọ́n dá padà kí báńkì tó kọ̀wé sí wọn, báńkì kò sì lè gba ju ohun tí ilé-iṣẹ́ ìbá rí gbà lọ. Èyí tó kù kò ṣeé lé. Àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 46. Iṣẹ́ risífà àti ọlọ́dẹ gba mílíọ̀nù 5, àwọn òṣìṣẹ́ gba 4, báńkì gba 37 tó kù, ó sì ṣì ku mílíọ̀nù 23 tí òun náà ń lé bíi yín. Àwọn tó kó àgbàdo láwìn láìsí àdéhùn kan kò rí nǹkan kan gbà.

Ní tiyín, ẹ má ṣe lọ fi ipá kó àpò yín, torí wọ́n lè fi ẹ̀sùn olè kàn yín. Ẹ kọ̀wé sí risífà lónìí, ẹ so ẹ̀dà àdéhùn àti ìwé tí ẹ fi kó ẹrù mọ́ ọn, ẹ ní kí ó má ṣe ta àwọn àpò náà, kí ó sì jẹ́ kí ẹ wọlé wá kà wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò àmì ara wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn kúrò lórí pákó.