Fọ́tò ti fúyẹ́, síbẹ̀ kò wọlé

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fẹ́ gbé fọ́tò aṣọ òkè sórí sáìtì WordPress tí mo fi ń tajà. Mo ti fún un pọ̀ títí ó fi di mẹ́gábáìtì 1.8. Á rìn dé 100%, á tún já. Kí ló kù kí n ṣe?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Alẹ́ méjì gbáko ni irú èyí gbà lọ́wọ́ mi.

Ibi méjì ni fọ́tò ti ń há. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà, níbi tí sáfà ti ń wo bí fáìlì ṣe wúwo tó. PHP tí WordPress ń lò kì í gbà ju mẹ́gábáìtì 2 lọ, àfi bí wọ́n bá yí i padà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló há sí, ẹ óò rí `upload_max_filesize` nínú ohun tó kọ síwájú yín. Èmi bẹ àwọn tí mo háyà sáfà wọn pé kí wọ́n gbé e sókè, wọ́n ṣe é, fọ́tò sì tún já.

Inú ilé ni tèmi ti há, ó sì jọ pé ibẹ̀ náà ni tiyín. Bí fáìlì bá wọlé tán, sáfà á ṣí i kó lè gé ẹ̀dà kéékèèké lára rẹ̀. Ẹ lè ki aṣọ mọ́ inú àpò títí, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí ẹní, bó ṣe fẹ̀ náà ló fẹ̀. Fọ́tò fóònù mi jẹ́ 4000 lọ́nà 3000, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 12. Báìtì bíi mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà bí wọ́n bá ṣí i, ó di mẹ́gábáìtì 48 nínú mẹ́mórì, kó tó kan àwọn ẹ̀dà. Sáfà olówó pọ́ọ́kú á kàn pa iṣẹ́ náà ni. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: `The server cannot process the image`.

Èmi ò mọ̀, mo ṣáà ń fún un pọ̀ sí i, títí òwú pupa àlàárì fi dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn sórí ìwé. Bí mo ṣe fi ImageMagick orí kọ̀ǹpútà dín fífẹ̀ rẹ̀ kù báyìí ló wọlé:

```
magick alaari.jpg -auto-orient -resize "1600x1600>" -quality 80 alaari-web.jpg
```

Ó di 1600 lọ́nà 1200, kò tó mẹ́gábáìtì 8 mọ́ bí wọ́n bá ṣí i, òwú rẹ̀ sì hàn kedere. Àmì `>` yẹn ni kò ní jẹ́ kó fẹ fọ́tò tó ti kéré tẹ́lẹ̀. `-auto-orient` ni kò ní jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹ ò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ síra yín lórí Wásáàpù, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ padà. Á ti dín in kù. Ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fáìlì lásán o, torí bó ṣe wà náà ni yóò dé. Ẹ má sì pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù.

Bó bá tún já ní 1600, ẹ bi àwọn tó ni sáfà pé mẹ́gábáìtì mélòó ni `memory_limit` yín, ìyẹn ìwọ̀n mẹ́mórì tí wọ́n gbà kí iṣẹ́ kan lò.