Ògiri tó ń hó lẹ́yìn dínọ́ísà

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Eré àwòrán kékeré kan ni mò ń ṣe nínú Blender, Cycles ni mo fi ń rẹ́ńdà. Bí mo bá wo fírémù kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ tónítóní. Bí mo bá wá kó wọn pọ̀ di fídíò, ògiri yàrá á máa hó bí omi orí iná. OpenImageDenoise ni dínọ́ísà tí mo yàn láti fi gbá èérún kúrò. Ṣé kí n yí i sí OptiX ni, àbí kí n kàn fi kún sáńpù?"

Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí o bá kàn yí i sí OptiX níbi tí wọ́n kọ Denoise sí lábẹ́ Render, ògiri yẹn á ṣì máa hó, nítorí pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe níbẹ̀: fírémù kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí dínọ́ísà bá dé orí fírémù 42, kò rántí ohun tó ṣe sí 41.

Èérún tí ò ń rí nínú rẹ́ńdà kí dínọ́ísà tó kàn án, ìṣirò tí kò tíì parí ni. Cycles máa ń ta ìtànṣán láti ojú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, iye ìtànṣán náà ni à ń pè ní sáńpù; wọ́n á máa ta láti ara ògiri kan sí èkejì bóyá wọ́n á bá ìmọ́lẹ̀ pàdé. Ní igun tó ṣókùnkùn, díẹ̀ ló ń bá a pàdé, nítorí náà píksẹ́lì kan á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣókùnkùn jù. Dínọ́ísà á wo àwọn tó yí i ká, á pín in láàárín wọn, èérún wínníwínní á sì lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ojú ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bá ti mọ́lẹ̀ jù díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, dínọ́ísà kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé irọ́ ni. Á gbà á bẹ́ẹ̀, á sì tún dán an. Ní fírémù tó kàn, àbàwọ́n náà á bọ́ síbòmíràn. Ohun tí ojú rẹ ń rí tí ò ń pè ní híhó nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí fírémù kọ̀ọ̀kan fi mọ́ nígbà tó bá dá dúró.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó jẹ mí níyà. Ìran kan wà tí mo ṣe: ìyá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi àdìrẹ tẹ́, ó ń pàlọ́, oòrùn àárọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé, kámẹ́rà sì ń sún mọ́ ojú ìyá díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni, fírémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn fírémù 240. Sáńpù 128 ni mo lò, fírémù kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi dá a padà lọ́jọ́ kan náà, ó ní ògiri ẹ̀yìn ìyá "ń mí."

Mo ṣí fírémù mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn nínú Image Editor, mo fi máòsì tẹ ojú kan náà lára ògiri, lókè orí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ka nọ́ńbà àwọ̀ tó jáde nísàlẹ̀. Ní 41, pupa jẹ́ 0.118. Ní 42, 0.131. Ní 43, 0.115. Kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀, kò sí òjìji tó kọjá, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ fi ìdá 11 nínú 100 lọ sókè láàárín fírémù méjì, ó sì tún já wálẹ̀. Ṣe irú àyẹ̀wò yìí lórí tìrẹ kí o tó ṣe ohunkóhun. Bí nọ́ńbà náà bá ń fò bẹ́ẹ̀ níbi tí nǹkan kan kò ti yí padà, rẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ló ń fò. Bí wọ́n bá dúró digbí nínú fírémù tí ò ń kà, tó sì jẹ́ pé fídíò nìkan ni wọ́n ti ń fò, ibi tí o ti ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré ni kí o lọ wò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sáré ṣe ni sáńpù. Bí o bá fẹ́ kí èérún dín sí ìdajì, sáńpù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 128 dé 2048, ìlọ́po 16 ni, èérún kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 16 fún fírémù kan, fírémù 240, wákàtí 64 nìyẹn, lórí jẹnẹrétọ̀. Mo ṣe fírémù 30 péré kí n tó dá a dúró, ògiri ṣì ń mí, ó kàn ń mí jẹ́jẹ́ ni.

Ẹnì kan ní kí n má jẹ́ kí Seed, nọ́ńbà tó ń darí bí ìtànṣán ṣe ń fọ́n ká, máa yí padà, kí èérún lè wà lójú kan ní gbogbo fírémù. Má ṣe é bí kámẹ́rà rẹ bá ń rìn. Àbàwọ́n náà á lẹ̀ mọ́ ojú ìbòjú, ògiri á máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, bíi pé gíláàsì kámẹ́rà dọ̀tí. Ó tún ní aburú kejì tí màá sọ láìpẹ́. Bí kámẹ́rà kò bá rìn rárá ni ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ìgbà yẹn sì rèé, ó sàn kí o rẹ́ńdà ògiri àti ẹrù ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú sáńpù púpọ̀, kí o wá máa lẹ ẹni tó ń rìn mọ́ ọn.

Ohun tó là mí lójú ni pé mo pa dínọ́ísà, mo tan àwọn ìpele ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú View Layer, mo sì wò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Diffuse Direct, ìmọ́lẹ̀ tó wá tààrà láti orísun rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lórí ògiri, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ń wọlé gbangba. Diffuse Indirect, èyí tó ta láti ara nǹkan mìíràn kó tó dé ògiri, ló kún fún èérún bí iyanrìn. Fèrèsé ló fa èyí. Mo ti fi gíláàsì gidi sí i, Glass BSDF. Ojú wa ń rí ìta gba inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Cycles bá ti ara ògiri wo ọ̀kánkán ìmọ́lẹ̀, gíláàsì yẹn dí i lójú bí pákó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú rẹ̀ kọjá wá di kọ́sítíìkì, èyí tí ìtànṣán kò lè bá pàdé àfi bó bá ṣèèṣì. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yàrá mi, ṣíṣèèṣì ló ń gbà wọlé.

Mo yọ gíláàsì náà kúrò pátápátá, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò ó nínú ìran yẹn. Bí ìwọ bá nílò tìrẹ, fi Mix Shader pa Glass pọ̀ mọ́ Transparent BSDF, kí o sì so Is Shadow Ray láti inú Light Path mọ́ Fac rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, mo fi iná Area kan dí ojú fèrèsé, mo tẹ Portal lábẹ́ rẹ̀. Iná náà kò tan ohunkóhun fúnra rẹ̀, ó kàn ń sọ fún Cycles pé ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń gbà wọlé. Mo tún fa Clamp Indirect láti 10 wá sí 3 kí àwọn ẹyọ píksẹ́lì tó ń tàn yànrànyànràn lè rọlẹ̀. Ó mú yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ìyẹn kò dùn mí. Pẹ̀lú sáńpù 256, nọ́ńbà ojú ògiri yẹn kò fò ju ìdá mẹ́ta nínú 100 lọ mọ́, fírémù kan sì ń gba ìṣẹ́jú méjì.

Ìdá mẹ́ta yẹn ló kù fún dínọ́ísà, ibẹ̀ sì ni OptiX ti wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ Render. Láti Blender 3.1, ọdún 2022, èyí tó ń fi fírémù tó ṣáájú tún èyí tó tẹ̀ lé e ṣe ti wà nínú Cycles, àṣẹ Python nìkan la fi ń pè é. Ó ń fẹ́ káàdì NVIDIA, kí OptiX sì jẹ́ èyí tí o yàn nínú Preferences. Pa Denoise nígbà tí o bá ń rẹ́ńdà. Tan Vector àti Denoising Data nínú View Layer, kí o sì fi OpenEXR MultiLayer tọ́jú àwọn fírémù. Vector ló ń sọ ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan ti wà ní fírémù tó ṣáájú. Motion Blur gbọ́dọ̀ wà ní pípa, torí Cycles kì í fúnni ní Vector bó bá wà ní títàn. Bó o bá fẹ́ kí ìrìn rọ̀, lo Vector Blur nínú Compositor lẹ́yìn. Seed ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí padà ní fírémù kọ̀ọ̀kan, aburú kejì tí mo ní màá sọ nìyẹn: bí àṣìṣe kan náà bá wà níbì kan náà ní gbogbo fírémù, fírémù àná kò ní ohun tó máa fi tún ti òní ṣe.

Lẹ́yìn tí gbogbo fírémù bá ti jáde, ṣí Python Console:

```
import bpy
bpy.ops.cycles.denoise_animation()
```

Kí o tó tẹ Enter, jọ̀ọ́, da gbogbo fódà yẹn kọ síbòmíràn. Àṣẹ yìí máa ń kọ èyí tó ti tún ṣe lé orí fáìlì àtijọ́ bí o kò bá yàn án síbòmíràn. Báyìí ni wákàtí mẹ́jọ rẹ́ńdà mi ṣe lọ, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí kò ní káàdì NVIDIA lè fi ọwọ́ ṣe ohun tó jọ ọ́ nínú Compositor. Kí ó kọ́kọ́ fi nóòdù Denoise gbá Diffuse Indirect nìkan, kó tó fi Diffuse Color sọ ọ́ di púpọ̀, kí àwòrán ara àdìrẹ má baà pa rẹ́. Kó wá fi Vector sún fírémù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e wá sí ibi tí ti òní wà, kó sì mú èyí tó wà láàárín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```
max(min(a,b), min(max(a,b),c))
```

Àbàwọ́n tó bá yọ nínú fírémù kan ṣoṣo kò ní là á já.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń kùnà ni ibi tí Vector ti ń purọ́. Jígí tó wà lára ògiri kò rìn, nítorí náà Vector á ní kò sóhun tó rìn, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán inú jígí ń kọjá lọ. Á máa fa ìrù lẹ́yìn ara rẹ̀. Bákan náà ni òjìji tó bá ń rìn lórí ilẹ̀. Ní tèmi, abẹ̀bẹ̀ ìyá ló fà á. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti kúrò níwájú ògiri, ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ yẹn kò ní àná, èérún sì yí etí abẹ̀bẹ̀ ká bí irun. Fírémù 14 péré ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo mú àwọn fírémù yẹn láti inú fódà tí mo dà kọ, mo fi OpenImageDenoise gbá wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo yí Mask ká ibi tí abẹ̀bẹ̀ ń gbà kọjá, mo sì lẹ kìkì ibẹ̀ mọ́ èyí tó kù. Ohun tó ń rìn kíákíá ni, ojú kì í ráyè rí híhó níbẹ̀.