Kájú kì í so ní oṣù Kẹwàá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kájú ni à ń rà ní Kàbà, inú Excel ni mo sì ń kọ ọjọ́ àti iye kílò sí. Mo fẹ́ kí PivotTable kó wọn jọ ní oṣù-oṣù, ó ní "Cannot group that selection." Èyí tí mo kọ kún un lẹ́yìn náà kò sì hàn níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ wo òpó ọjọ́ yín dáadáa. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan títò rẹ̀, ọjọ́ tí Excel gbà ní ọjọ́ máa ń fara ti ọ̀tún àpótí. Èyí tó fara ti òsì, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí. Ẹyọ kan irú rẹ̀ tó láti mú kí Group kọ̀.

Àwa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ìlànà Amẹ́ríkà ń ka oṣù ṣáájú. 25/03/2024 yóò di ọ̀rọ̀, torí kò sí oṣù tó ń jẹ́ 25. 10/03/2024 gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: yóò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì sọ ọ́ di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá wá rí òkìtì kílò lábẹ́ Oct, nígbà tí igi kájú kankan kò so láti Ìsánlú dé Kàbà, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti dorí kodò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tún ti apá òsì nìkan ṣe. Group á gbà fún wọn, àmọ́ irọ́ ni àròpọ̀ tí wọ́n á rí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lẹ ti tẹ̀ ẹ́, tí ọjọ́ sì wà ní A, ẹ kọ èyí sí òpó òfìfo, kí ẹ fà á délẹ̀:

```
=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Bí nọ́ńbà bíi 45361 bá jáde, ẹ má fòyà, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta 2024 ni. Ẹ fi Date tò ó. Ẹ dà á kọ, kí ẹ fi Paste Special, Values and number formats lẹ̀ ẹ́ lé òpó A, kí ẹ sì pa òpó tí ẹ fi ṣe ìṣirò yìí rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Bí ẹ bá tún un ṣe, ọjọ́ á tún yí padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí Region kọ̀ǹpútà sí ìlànà tó ń fi ọjọ́ ṣáájú.

Ní ti àwọn ìlà tí kò hàn, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín ni PivotTable ń lò, kì í wo ojúlówó títí ẹ ó fi tẹ Refresh. Bó bá sì jẹ́ pé ìlà 120 ni ẹ fà á dé lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é, Refresh kò ní rí ìlà 121. Ẹ dúró sínú àkọsílẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+T kí ó di Table tó ń gùn fúnra rẹ̀. Ẹ wá tẹ inú PivotTable, ẹ lọ sí PivotTable Analyze, Change Data Source, kí ẹ kọ orúkọ Table náà síbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Alt+F5 nínú PivotTable ti tó.

Ẹ wá fi ọ̀tún máòsì tẹ ọjọ́ kan nínú PivotTable, ẹ yan Group. Ẹ mú Months àti Years pọ̀, torí Months nìkan á da oṣù Kẹta 2024 pọ̀ mọ́ ti 2025. Bí ẹ bá fẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fi Quarters kún un.