Láti Áńgílíkà sí Kátólíìkì n'Íbàdàn

"Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi ní kékeré, ní Àrẹ̀mọ. Mo fẹ́ di Kátólíìkì. Ṣé wọ́n á tún mi rì bọmi? Kí ni kí n máa retí?"

Rárá o. Bí wọ́n bá lo omi, tí wọ́n sì ṣe é lórúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ìrìbọmi yẹn dúró. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni fádà máa béèrè, nítorí náà tètè wá a. Bó bá ti sọnù, àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè jẹ́rìí.

Lọ rí fádà tàbí katikíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ilé rẹ. Ẹ̀kọ́ lè gba oṣù mélòó kan: ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, sákírámẹ́ǹtì, àdúrà. Bó o bá ti ṣègbéyàwó rí, tẹ́ ẹ sì ti kọ ara yín sílẹ̀, sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó máa ń dá èèyàn dúró nìyẹn, ó sì máa ń dunni bó bá jẹ́ pé ìparí ẹ̀kọ́ ló tó hàn.

Wàá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fádà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà ọ́ sínú Ìjọ gan-an, wàá ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú ìjọ, wàá sì fi kún un pé o gba gbogbo ohun tí Ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ni pé Ọlọ́run ló fi hàn. Ẹ̀jẹ́ rẹ kò ju ìyẹn lọ. Onígbọ̀wọ́ rẹ, ìyẹn Kátólíìkì tó dúró tì ọ́, á gbé ọwọ́ lé ọ léjìká, fádà á fi òróró kírísímù sàmì sí ọ níwájú orí, wàá sì gba Ara Olúwa nínú Máàsì yẹn kan náà.